Síífì, Orúkọ àti Òṣùwọ̀n: Bí Ojúsàájú Ṣe Ń Wọlé Kí Ìntáfíù Tó Bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kàwé níbẹ̀, tí ìrírí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dín sí ti òyìnbó aládùúgbò rẹ̀, ní láti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ méjìdínlógún kó tó rí iye ìdáhùn rere tí òyìnbó náà máa rí lórí mẹ́wàá. Valentina Di Stasio àti Anthony Heath, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Nuffield ní Yunifásítì Ọ́sífọ́ọ̀dù, ló rí èyí nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2016 sí 2017. Wọ́n ṣètò nǹkan bí 3,200 ìwé ìwáṣẹ́ lórúkọ àwọn èèyàn tí kò sí láyé, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lóòótọ́, wọ́n sì jókòó ti ìdáhùn tó ń wọlé.

Nínú gbogbo ìwé náà, ẹni tó ń wáṣẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tó débẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún méje. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé èdè ló ń dà wọ́n láàmú, tàbí pé ìwé-ẹ̀rí òkè òkun ni wọ́n gbé wá. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ìwé tó jẹ́ ti òyìnbó ilẹ̀ náà, 24 rí ìdáhùn rere. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tó kéré níbẹ̀, 15 péré ni. Àwọn tí orírun wọn jẹ́ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà le fún jù.

Irú ìwádìí báyìí ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni ti Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan, tó jáde ní 2004. Wọ́n fi síífì tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn tó polówó iṣẹ́ ní ìlú Bọ́sítọ̀n àti Ṣikágò. Wọ́n pín orúkọ sórí àwọn síífì náà bí ẹni ń ta ayò: àwọn kan ń jẹ́ Emily tàbí Greg, orúkọ tí ará Amẹ́ríkà á gbọ́ tó máa mọ̀ pé òyìnbó ni; àwọn kan ń jẹ́ Lakisha tàbí Jamal, tí wọ́n máa mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni. Ìkan nínú mẹ́wàá lára àwọn orúkọ òyìnbó ni wọ́n pè padà. Lára àwọn orúkọ aláwọ̀ dúdú, ìkan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Àwọn olùwádìí náà ṣírò rẹ̀ pé àǹfààní tí orúkọ òyìnbó fún èèyàn tó ti ọdún mẹ́jọ ìrírí iṣẹ́.

Ohun kan wà nínú ìwádìí yẹn tó tún dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún síífì ṣe, tí wọ́n fi ìrírí àti ìmọ̀ kún un, àwọn orúkọ òyìnbó jèrè rẹ̀ gidigidi, ìpè tí wọ́n rí pọ̀ sí i. Àwọn orúkọ aláwọ̀ dúdú kò jèrè tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó bá làágùn láti mú ara rẹ̀ sunwọ̀n sí i kò rí èrè òógùn rẹ̀ gbà, torí ẹni tó mú síífì náà dání ti gbójú kúrò kó tó dé ibi tí làálàá náà wà.

Òṣùwọ̀n tó ń sún kiri

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka síífì ni yóò búra pé àwọn kò wo orúkọ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ nìkan làwọn ń wò. Púpọ̀ nínú wọn kò sì parọ́. Bí ojúsàájú ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ọpọlọ méjì, Eric Uhlmann àti Geoffrey Cohen, fi hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2005.

Wọ́n ní kí àwọn èèyàn ṣàyẹ̀wò ẹnì kan tó fẹ́ ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá. Àwọn kan gba ìwé ẹni tó mọ ìgboro dáadáa, tó ti bá àwọn ọ̀daràn fà á, àmọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé. Àwọn mìíràn gba ìwé ẹni tó kàwé tó sì mọ ètò ìṣàkóso, àmọ́ tí kò mọ ìgboro. Michael ni wọ́n kọ sórí ìwé àwọn kan, Michelle sórí ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wọ́n pé, kí ló ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí? Nígbà tí ẹni tó kàwé bá ń jẹ́ Michael, wọ́n ní ìwé kíkà ṣe kókó fún ọ̀gá ọlọ́pàá. Nígbà tí ẹni tó kàwé bá ń jẹ́ Michelle, ìwé kíkà kò tún jẹ́ bàbàrà mọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ pé òun kò fẹ́ obìnrin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n sún tẹ̀ lé ẹni tí ọkàn wọn ti fẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sì fọwọ́ sọ̀yà jù pé àwọn kì í ṣègbè ni ojúsàájú wọn hàn jù.

Ìgbà tí Uhlmann àti Cohen yí ètò iṣẹ́ náà padà ni ọ̀nà àbáyọ hàn. Wọ́n ní kí àwọn olùyẹ̀wò kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ náà kí wọ́n tó rí ìwé ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin pòórá. Irú ìwé kan náà ni wọ́n kà. Ìgbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Orúkọ, ilé-ìwé, ọjọ́ orí

Síífì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ní ọjọ́ ìbí tàbí fótò. Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ síífì tí wọ́n ń kó sínú àpòòwé ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn ló máa ń to ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, àti bóyá èèyàn ti ṣègbéyàwó sókè pátápátá, ṣáájú ìrírí iṣẹ́. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 lòdì sí kí ìjọba fi ẹ̀yà, ìlú tí èèyàn ti wá, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin dí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí lọ́wọ́. Kò mẹ́nu kan ọjọ́ orí.

Tí wọ́n bá tiẹ̀ yọ apá òkè yẹn kúrò, orúkọ ṣì wà. Ràṣídì, Emmanuel, Chukwuemeka àti Ifáyẹmí lórí síífì mẹ́rin ti sọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn fún ẹni tó ń kà á kó tó dé ìlà kejì. Tí wọ́n bá bo orúkọ, ímeèlì lè tú u síta, torí orúkọ àti ọdún ìbí ló máa ń wà nínú ímeèlì ọ̀pọ̀ èèyàn. Orúkọ ilé-ìwé girama tó jẹ́ ti ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ mùsùlùmí á sọ ẹ̀sìn. Àwọn olùjẹ́rìí tó wà nísàlẹ̀ á sọ ìlú tó ti wá.

Ní ti ilé-ìwé, Lauren Rivera, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wo bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá níbẹ̀ ṣe ń yan òṣìṣẹ́. Ó rí i pé wọ́n máa ń ka orúkọ fásitì sí ẹ̀rí pé ọpọlọ èèyàn pé, láì tíì wo ohun tí ẹni náà kọ́ níbẹ̀ rárá. Ní 2016, òun àti András Tilcsik gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi síífì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì 316 ti àwọn iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò tó gbajúmọ̀ jù. Máàkì wọn ò yàtọ̀, irú ilé-ìwé wọn ò yàtọ̀, ìrírí wọn ò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni eré ìdárayá àti orin tí wọ́n fẹ́ràn, àwọn nǹkan tó ń sọ bóyá ilé olówó tàbí ilé mẹ̀kúnnù ni wọ́n ti wá. Ọkùnrin tó ń tukọ̀ afẹ́fẹ́, tó ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù, ni wọ́n pè ju ẹnikẹ́ni lọ: nǹkan bí mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkùnrin tó ń sáré ìje, tó fẹ́ràn orin àwọn ará oko, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní Nàìjíríà, orúkọ fásitì kì í sọ ọpọlọ nìkan. Máàkì ìdánwò ìgbaniwọlé wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ agbègbè tí èèyàn ti wá náà wà níbẹ̀, torí fásitì ìjọba máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká. Owó ilé-ìwé aládàáni tún wà níbẹ̀. Àti ẹni tó gba pólì nítorí pé ibẹ̀ ni agbára bàbá rẹ̀ mọ, tí àwọn ìkéde iṣẹ́ sì ń sọ fún un pé ìwé-ẹ̀rí fásitì nìkan làwọn fẹ́.

Ilé-ìwé àti ọjọ́ orí tún so pọ̀ mọ́ra ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kì í rò. Ìkéde tó ní kí awáṣẹ́ má ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ wọ́pọ̀ gan-an. Ní 2020, àwọn olùkọ́ fásitì ìjọba yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022, wọ́n tún yan án lódì fún oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó wọ irú fásitì bẹ́ẹ̀ ní 2019 ti pàdánù oṣù mẹ́tàdínlógún tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ojúgbà rẹ̀ tó lọ sí fásitì aládàáni kò pàdánù rẹ̀. Nígbà tí agbanisíṣẹ́ bá wá fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dí ẹnu ọ̀nà, ọmọ ẹni tí kò lówó ló ń tì sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ sì lè rò pé ọ̀dọ́ tó lágbára lòun ń wá.

Tí wọ́n bá yọ ọjọ́ ìbí kúrò lórí síífì, ọdún tí èèyàn ṣe Wáẹ́ẹ̀kì á sọ ọ́. Ìwé ètò àgùnbánirọ̀ náà á sọ ọ́: ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kì í sìn, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa ń fún un dípò ìwé pé ó ti sìnlú. Agbanisíṣẹ́ tó bá rí ìwé ìyọ̀ǹda ti mọ̀ pé àgbà lẹni yìí.

Ohun tí ọjọ́ orí ń fà kò mọ ní Nàìjíríà. Ní 2019, David Neumark, Ian Burn àti Patrick Button gbé ìwádìí kan jáde nípa ìwé ìwáṣẹ́ tó lé ní 40,000 tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ìlú méjìlá ní Amẹ́ríkà. Lára àwọn obìnrin tó ń wáṣẹ́ ọ́fíìsì, àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún rí ìpè lórí ìwé 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún márùnlélọ́gọ́ta kò rí tó mẹ́jọ.

Fọ́ọ̀mù tí ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ń ya

Ní 2008 sí 2009, iléeṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì ní kí wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ìlú ńlá méje. Iṣẹ́ 987 ni wọ́n wá, ìwé mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ òyìnbó ní láti kọ̀wé mẹ́sàn-án kó tó rí ìdáhùn rere kan; orúkọ àwọn ẹ̀yà tó kù ní láti kọ mẹ́rìndínlógún. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yani lẹ́nu ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iléeṣẹ́ aládàáni àti ti ìjọba. Lọ́dọ̀ àwọn aládàáni, ìwọ̀n ojúsàájú tí wọ́n ṣírò jẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dọ̀ ìjọba, mẹ́rin péré ni.

Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ èèyàn rere ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n tọ́ka sí fọ́ọ̀mù. Síífì ni iléeṣẹ́ aládàáni sábà ń gbà, tí oníkálùkù kọ bó ṣe wù ú. Iléeṣẹ́ ìjọba ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ìbéèrè kan náà ni fún gbogbo èèyàn, ojú ìwé tí orúkọ àti àdírẹ́sì wà sì ṣeé ya sílẹ̀ kí àwọn tó ń ṣàyàn tó gbà á. Ohun méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn: ó bo orúkọ, ó sì mú kí gbogbo ìwé dáhùn ohun kan náà.

Ìkejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ní ilẹ̀ Faransé, Luc Behaghel, Bruno Crépon àti Thomas Le Barbanchon dán fífi orúkọ pamọ́ wò pẹ̀lú àjọ ìjọba tó ń báni wáṣẹ́. Síífì kan náà ni àwọn iléeṣẹ́ ń gbà, a kàn bo orúkọ, àdírẹ́sì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ àjèjì àti àwọn ará àdúgbò tálákà tún rí ìpè kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àlàyé kan ni pé àwọn iléeṣẹ́ tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìdánwò náà jẹ́ àwọn tó ti ń fi ojú rere wo irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àlàyé kejì kan ọ̀rọ̀ tiwa gan-an: agbanisíṣẹ́ tó mọ ibi tí èèyàn ti wá lè ṣàánú àlàfo ọdún méjì tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá bo ibi tó ti wá, àlàfo náà nìkan ló kù lójú. Bíbo orúkọ láì ṣe òṣùwọ̀n kò tó.

Sítókípà kan ní Ìbàdàn

Ká sọ pé iléeṣẹ́ kan tó ń ta oúnjẹ inú agolo lójú-ọ̀wọ́ ní Ìbàdàn ń wá sítókípà, ọgọ́ta èèyàn sì fi ìwé ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé máníjà á gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì lálẹ́, á máa ṣí i kíákíá-kíákíá. Síífì keje tẹ́ ẹ lọ́rùn: ìmọ̀ ìṣirò owó ní fásitì tó lórúkọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já geere, a sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìkọkànlélọ́gbọ̀n jẹ́ ti ẹni ọdún méjìdínlógójì tó ka pólì, tí kò sì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ó gbé e sápá kan. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í ní ọ̀la ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí á wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí ìwé kankan tó dé. Máníjà jókòó pẹ̀lú ẹni tó ń bójú tó àwọn sítóò lọ́wọ́lọ́wọ́, wọ́n bi ara wọn pé kí ni sítókípà máa ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀, ó ń fi ìwé ẹrù wé iye páálí tó sọ̀kalẹ̀. Ó ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa tètè lọ ló ń jẹ́ kó kọ́kọ́ jáde. Ó ń ka gbogbo ẹrù lóṣooṣù, ó sì ń wá ìdí tí iye tó wà nílẹ̀ kò fi bá ìwé mu. Ó ń darí àwọn alágbàrù. Láti inú èyí ni wọ́n ti mú òṣùwọ̀n mẹ́rin jáde: àkọsílẹ̀ àti kíka ẹrù, ìṣọ́ra lórí ọjọ́ tí ẹrù ń bàjẹ́, lílo kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀, àti dídarí àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé àkọsílẹ̀ ni ọkàn iṣẹ́ náà, wọ́n ní máàkì rẹ̀ á di ìlọ́po méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, láti òdo sí mẹ́ta. Fún àkọsílẹ̀, òdo ni fún ẹni tí kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìkan ni fún ẹni tó ní òun ti ṣiṣẹ́ ní sítóò rí láì sọ ohun tó ṣe. Méjì ni fún ẹni tó dárúkọ àkọsílẹ̀ tó ń ṣe àti bó ṣe ń ka ẹrù. Mẹ́ta ni fún ẹni tó tún sọ ohun tó ṣe nígbà tí iye kò bára mu. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n fi ìbéèrè mẹ́rin sínú fọ́ọ̀mù, ọ̀kan fún òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń kọ síífì tó dára lè sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ àti ilé-ìwé wà lójú ìwé ọ̀tọ̀, akọ̀wé kan ló sì ya ìyẹn sílẹ̀ tó fi nọ́ńbà sórí èyí tó kù.

Èèyàn méjì ló kà á, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láì wo máàkì ara wọn. Wọn kò ka ìwé kan tán kí wọ́n tó ṣí òmíràn. Wọ́n ka ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọgọ́ta ìwé, wọ́n fún un ní máàkì, kí wọ́n tó padà sórí ìbéèrè kejì. Ìdí ni pé ẹni tó bá wú èèyàn lórí níbi kan máa ń gba máàkì ọ̀fẹ́ níbòmíràn.

Ìwé keje kọ pé òun bá wọn ṣiṣẹ́ ní sítóò ẹbí òun, ó gba ìkan fún àkọsílẹ̀, èyí tó di méjì. Kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ tí ẹrù ń bàjẹ́: òdo. Lórí kọ̀ǹpútà, olùkà àkọ́kọ́ fún un ní mẹ́ta, ìkejì fún un ní ìkan. Wọ́n ṣí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó kọ kò ju pé òun mọ Ẹ́sẹ́ẹ̀lì dáadáa, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún máàkì mẹ́ta ni àkọsílẹ̀ kan pàtó tí èèyàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n fi ìkan sí i. Ó gba ìkan fún dídarí èèyàn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin.

Ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n ti wà ní sítóò oògùn fún ọdún márùn-ún. Ó ṣàlàyé káàdì tó so mọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń kà á ní ìparí oṣù, àti ìgbà kan tí páálí mẹ́ta dín tó sì tọpasẹ̀ rẹ̀ dé orí ìwé ẹrù tí awakọ̀ kan kò fọwọ́ sí. Mẹ́ta ni fún àkọsílẹ̀, ó di mẹ́fà. Mẹ́ta fún ọjọ́ ìbàjẹ́, torí pé sítóò oògùn kò fi ìyẹn ṣeré. Ìkan fún kọ̀ǹpútà, méjì fún dídarí èèyàn. Àpapọ̀ jẹ́ méjìlá. Ẹni tí wọ́n gbé sápá kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá wà lókè, ọdún méjì tí kò fi ṣiṣẹ́ kò sì sí nínú òṣùwọ̀n kankan, torí kò sí ibi tó ti dí kíka páálí lọ́wọ́.

Ibi tí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ti lè ṣègbè

Òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ kì í di òdodo torí pé wọ́n kọ ọ́. Tí máníjà yẹn bá kọ “ìwé-ẹ̀rí fásitì” àti “kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ” sínú òṣùwọ̀n mẹ́rin rẹ̀, ojúsàájú àtijọ́ ló tún gbé wọlé, pẹ̀lú máàkì lórí. Àyẹ̀wò tó wà fún òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n tọ́ka sí iṣẹ́ kan pàtó láàárín àárọ̀ sí alẹ́ tí kò ní ṣeé ṣe láìsí i. Agbára láti gbé páálí lè yege àyẹ̀wò yìí tí sítókípà bá ń gbé e fúnra rẹ̀. Ọjọ́ orí kò lè yege.

Wọ́n sì gbọ́dọ̀ wo ẹni tó kù lórí àkójọ lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Ní 1978 ni àwọn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìgbanisíṣẹ́ gbé ìlànà kan tó rọrùn kalẹ̀: tí ìdá àwọn tí a mú nínú ẹgbẹ́ kan bá kéré sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti ẹgbẹ́ tí a mú jù, ó yẹ kí a wádìí. Ká ní ogójì ọkùnrin àti ogún obìnrin ló wà nínú ọgọ́ta ìwé náà. Ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n pè fún ìntáfíù, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n pè, ìyẹn 15. Tí a bá fi 25 pín 15, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa jáde, kò sì tó 80.

Èyí nìkan kò fi hàn pé ẹnì kan ṣègbè. Tó bá jẹ́ obìnrin mẹ́rin ni wọ́n pè dípò mẹ́ta, iye náà á di 80 gan-an, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà láàárín méjèèjì. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe máa ń da àkọsílẹ̀ ìgbanisíṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé máàkì wà nílẹ̀, ó sì lè sọ ibi tí àwọn obìnrin ti ń jábọ́. Ká sọ pé lórí dídarí èèyàn ni. Ohun tí wọ́n kọ fún máàkì mẹ́ta níbẹ̀ ni “ti jẹ́ ọ̀gá àwọn alágbàrù rí”, oyè tí wọn kì í sábà fún obìnrin ní sítóò, kódà tó bá jẹ́ òun ló ń pín iṣẹ́ fún wọn láràárọ̀. Wọ́n pa oyè náà rẹ́. Wọ́n kọ “sọ bó ṣe pín iṣẹ́ fún èèyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ohun tó ṣe nígbà tí ọ̀kan kò wá” sí ipò rẹ̀, fọ́ọ̀mù tuntun náà sì ni wọ́n máa lò fún iṣẹ́ tó kàn.